Fíìmù mílíọ̀nù mẹ́rin: ṣé ká tà á fún oníkànnì ni, àbí ká gbé e sórí YouTube fúnra wa?

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní ìwé eré Yorùbá kan lọ́wọ́, ìtàn opó kan tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé mọ́ lórí. Owó tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó jọ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé eré náà ní síìnì 64, ibi 11 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀. Òṣèré kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ti gbà láti bá wa ṣe opó yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ló lè yọ̀ǹda.

Ọkùnrin kan tó ní ìkànnì fíìmù lórí YouTube ní òun á san mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ fún wa tí ojú òṣèré yẹn bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù yóò di tòun títí ayé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbà, pé ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ ni ti ẹni. Èmi ń rò ó pé ká ṣí ìkànnì tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Sọ́jì_Òṣogbo

Àǹtí, ẹ má tà á! Báwo ni èèyàn ṣe máa fi mílíọ̀nù mẹ́rin ṣe fíìmù kó tún tà á ní mẹ́ta àbọ̀? Ẹ ṣí ìkànnì tiyín. Ohun tí YouTube ń béèrè kò ju alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo yín láàárín oṣù 12 lọ. Fíìmù wákàtí méjì kan ṣoṣo lè kó wákàtí yẹn jọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tí èèyàn 300,000 bá ti wò ó, owó yín ti wọlé nìyẹn, gbogbo ohun tó bá kù, èrè ni.

Ìyá_Títí

Ẹ kú orí ire o. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn eré ṣíṣe gan-an, ọmọ ọdún 19 ni. Ibo ni kí n mú un wá kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò? Ó mọ oríkì í kì, ó sì mọ ẹkún í sun.

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣé, Mà. Kì í ṣe òṣèré là ń wá báyìí o, bí a ó ṣe ta fíìmù là ń bi àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ipa ọmọ opó yẹn ṣì ṣófo, ẹ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Mo ti ń ṣe mánéjà iṣẹ́ fún àwọn tó ń ya fíìmù ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Sọ́jì fọwọ́ ṣírò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí kòtò.

Ohun tí Sọ́jì sọ nípa 1,000 àti 4,000 tọ̀nà. Ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wíwọlé ọjà kọ́ ni títa ọjà. Nínú YouTube Studio, ibi tí oníkànnì ti ń rí òǹkà ìkànnì rẹ̀, iye kan wà tí wọ́n ń pè ní RPM. Òun ni ohun tó wọ àpò yín lórí ìgbà 1,000 tí wọ́n bá wo fíìmù, lẹ́yìn tí YouTube bá ti yọ tiwọn. Nínú owó ìpolówó, ìdá 55 nínú 100 ni wọ́n ń fún ẹni tó ni fídíò. RPM kì í dúró sójú kan. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo yín wà, ó máa ń kéré. Tí wọ́n bá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ó máa ń gbé pẹ́ẹ́lí.

Ká ní ẹ rí dọ́là kan lórí 1,000, ká sì ní dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà. Èèyàn 300,000 tí Sọ́jì sọ yẹn á mú 300 dọ́là wá. Náírà 450,000 nìyẹn, kò tó owó oúnjẹ àti epo. Kí mílíọ̀nù mẹ́rin yín tó padà, ẹ nílò dọ́là 2,667, ìyẹn ni pé wọ́n á wo fíìmù yín ní ìgbà mílíọ̀nù méjì àti 667,000. Tí RPM bá jẹ́ dọ́là méjì, ẹ pín in sí méjì, ó ṣì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìkànnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní àná kì í sáàbà kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lú fíìmù kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Owó tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà wá, wọ́n máa ń yọ owó orí Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú wọn, nítorí náà ìdá 30 nínú 100 apá yẹn ló ń lọ. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kún ìwé owó orí inú AdSense, ibi tí owó YouTube ń gbà wọlé, kíákíá, nítorí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, wọ́n lè yọ lára owó tó wá láti ibi gbogbo.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ tà á títí ayé o. Màá padà wá sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí síìnì 64 ní ibi 11, pẹ̀lú ọjọ́ kan ti òṣèré ńlá, owó yín kò ní gbé e délé.

Sọ́jì_Òṣogbo

Bọ̀dá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i pé àwọn kan ń fi ìkànnì tiwọn kọ́lé? A mọ̀ wọ́n.

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Mo mọ̀ wọ́n, Sọ́jì. Wọ́n ń gbé fíìmù tuntun jáde lemọ́lemọ́, fíìmù àtijọ́ sì ń bá tuntun pa owó. Ẹni tó bá ti wo ọ̀kan, YouTube á ti òmíràn sí i níwájú. Fíìmù kan ló wà lọ́wọ́ Àǹtí Àdùkẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò ó. Ẹ bá mi mú ìwé eré yẹn, kẹ́ ẹ ka síìnì tí opó wà nínú rẹ̀. Mélòó ni, níbo sì ni?

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Mo ti kà á, Bọ̀dá. Síìnì 17 ni. 8 wà ní pálọ̀ àti yàrá rẹ̀, 3 níwájú ilé, 2 ní ọ́fíìsì lọ́yà, 2 ní ọjà, 1 ní ilé ẹjọ́, 1 ní ibojì ọkọ rẹ̀.

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Ó dára. Ọjọ́ kan kò ní gba ibi márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó palẹ̀ kámẹ́rà àti iná mọ́, kẹ́ ẹ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì tún tò wọ́n níbòmíràn, wákàtí méjì ti lọ láìya ohunkóhun. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ilé kan.

Ẹ wá ilé tó ní yàrá tó pọ̀ àti àgbàlá. Yàrá kan nínú rẹ̀ ni ọ́fíìsì lọ́yà: tábìlì, ìwé, aṣọ fèrèsé tó yàtọ̀, àti àga tí kò jọ ti pálọ̀. Ọjà, ẹ gbé e wá síwájú ilé. Kí opó yẹn máa ta ata lẹ́bàá ọ̀nà, kí oníbàárà méjì ó wá bá a níbẹ̀. Ohun tí síìnì ọjà wà fún ni pé kí ó gbọ́ pé wọ́n ti fi ilé rẹ̀ sọ́jà, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láàárín igba èèyàn tẹ́ ẹ máa bọ́. Ilé ẹjọ́, ẹ yọ ọ́. Kí lọ́yà wá jábọ̀ fún un nínú síìnì pálọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀, ká rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ lẹ sanwó fún. Ibojì, ẹ ṣe é sí ẹ̀yìn ilé, bí wọ́n ti ń sin òkú sí ọgbà ilé nílẹ̀ wa.

Báyìí, 16 ló kù, nílé kan ṣoṣo. Ẹ má yà wọ́n bí ìtàn ṣe tò. Aṣọ àti oòrùn ni kẹ́ ẹ fi tò ó. Tí ìtàn bá gba pé kí opó pààrọ̀ aṣọ ní ìgbà mẹ́ta, ẹ ya gbogbo síìnì aṣọ dúdú tán kó tó bọ́ ọ. Síìnì ìta ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, kí oòrùn tó gun orí. Síìnì alẹ́ inú yàrá, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ yà á, ẹ fi aṣọ dúdú nípọn bo fèrèsé láti ìta.

Síìnì mẹ́ta tó jẹ́ pé tí wọn kò bá sí, kò sí fíìmù, ẹ rí i dájú pé wọ́n wà lára àwọn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yà. Òṣèré ńlá lè ní òun á dé ní aago méje kó dé ní mọ́kànlá, torí ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń bọ̀. Kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ ti ní síìnì àwọn yòókù nílé kan náà tẹ́ ẹ lè máa yà, kí owó ọjọ́ yẹn má jó dànù.

Tí òṣèré bá ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ẹ ya ojú tirẹ̀ tán látòkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ẹnì kejì, ọ̀la lẹ máa yà á, kí ẹnìkan máa ka ọ̀rọ̀ opó láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èjìká opó nínú àwòrán, ẹ wọ gèlè kan náà fún obìnrin tí ìdúró wọn jọra, ká máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí òǹwòran tó máa mọ̀, bí àwọ̀ gèlè àti bí wọ́n ṣe wé e bá bára mu. Nítorí náà kí oníkọ́sítúùmù ya fọ́tò gèlè yẹn láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó tú u.

Pẹ̀lú ètò yìí, ọjọ́ márùn-ún lè tó gbogbo fíìmù. Ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá yọ, owó oúnjẹ, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀, owó ilé àti owó kámẹ́rà ọjọ́ kan lẹ yọ.

Kúnlé_Eléré

Òṣèré lèmi, mi ò sì lórúkọ ńlá. Ohun kan tí Bọ̀dá kò sọ: àwọn tó ń fi owó kékeré ya fíìmù Yorùbá kì í sábà san owó tó pé fún gbogbo òṣèré. Àwọn ọ̀gá ní ẹgbẹ́, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà nínú iṣẹ́. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró ni: lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ. Ẹ wá sí fíìmù mi fún owó ọkọ̀, èmi náà á wá sí tiyín. Ìdí nìyẹn tí fíìmù olówó kékeré fi lè ní ojú mẹ́wàá tí ẹ mọ̀.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Àdùkẹ́ kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, torí náà owó ni yóò san. Ẹ má lérò pé ẹ máa rí ti ọ̀fẹ́ torí pé ẹ gbọ́ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ sọ iye owó kí òṣèré tó wọ ọkọ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjà tó máa ń dá iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ owó tí ẹnikẹ́ni kò sọ dáadáa ní ọjọ́ kìíní ló máa ń bí i.

Alàgbà_Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù màkẹ́tà kan ní Ìdúmọ̀tà nígbà kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yín yìí kò tuntun.

Nígbà tí Bàbá Hubert Ogunde ṣe Aiye ní 1979, kì í ṣe pé wọ́n fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí wọ́n lọ sùn. Àwọn eléré alárìnjó ìgbà yẹn ló ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ wọn láti ìlú dé ìlú, sí gbọ̀ngàn àti ilé ìwé, àwọn fúnra wọn ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ohun tó bá sọ pé ó wọlé ni ẹ máa gbà. Àmọ́ òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ fíìmù náà, nígbà tí náírà sì já lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, agbára kò ká a mọ́. Ìyẹn ló lé ọ̀pọ̀ wọn sídìí fídíò. Ọ̀gbẹ́ni Kenneth Nnebue tí ayé mọ̀ fún fíìmù Igbo tó gbé jáde ní 1992, òun ló ti ń fowó ran àwọn eléré Yorùbá lọ́wọ́ ṣáájú ìyẹn. Olówó ọjà ni, ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìdúmọ̀tà, màkẹ́tà ló ń yá eléré lówó ṣíwájú. Eléré á gbé kásẹ́ẹ̀tì àgbà wá, màkẹ́tà á tẹ páálí àti póstà, á polówó lórí rédíò, á sì tẹ ẹ̀dà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé iye ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀, inú ìwé màkẹ́tà nìkan ló wà. Eléré kan á wá, á ní, “Ọ̀gá, mo rí kásẹ́ẹ̀tì mi káàkiri Ìbàdàn.” Wọ́n á ní, “Àwọn tó ń jí ẹ̀dà tẹ̀ ni, àwa kò tíì tà tó bẹ́ẹ̀.” Nígbà mìíràn òótọ́ ni, torí àwọn tó ń jí ẹ̀dà pọ̀ lóòótọ́. Nígbà mìíràn kì í ṣe òótọ́. Kò sí bí eléré ṣe lè mọ èyí tó jẹ́.

Nítorí náà, Àdùkẹ́ ọmọ mi, kó o tó béèrè iye owó, béèrè ẹni tó ń rí ìwé òǹkà.

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Alàgbà, ẹ ṣé o. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Lórí YouTube, gbogbo òǹkà wà: iye tó wò ó, ìlú tí wọ́n ti wò ó, iye owó. Ẹni tó ni ìkànnì nìkan ló sì ń rí gbogbo rẹ̀. Iye tí wọ́n wò ó, gbogbo ayé ló ń rí ìyẹn lábẹ́ fídíò, ṣùgbọ́n owó kò sí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín owó pẹ̀lú oníkànnì, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí ó máa fi ìjábọ̀ owó fíìmù yín ránṣẹ́ lóṣooṣù, látinú YouTube Studio, ti fíìmù yẹn nìkan. Ó ṣeé ṣe láti fún èèyàn láyè wíwò nínú ìkànnì, “Viewer” ni wọ́n ń pe ipò náà, ṣùgbọ́n gbogbo fíìmù tó wà níbẹ̀ ni yóò máa rí, kò sí oníkànnì tó fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n sì lè fún yín ní “Viewer (limited)”, èyí tí kì í fi owó hàn rárá. Ẹ má gbà á kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti rí nǹkan.

Ní ti títà títí ayé: ẹ bi í bóyá ó lè gbà á fún ọdún díẹ̀. Ẹ sọ pé YouTube nìkan lẹ fi fún un. Tẹlifíṣọ̀n, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta fíìmù fún òǹwòran tó ń san owó, ọkọ̀ òfúrufú, àti ẹ̀tọ́ láti tún ìtàn náà ṣe, ẹ di gbogbo rẹ̀ mú sọ́wọ́ yín. Bí ìwé bá kọ “gbogbo ẹ̀tọ́”, gbogbo èyí ló ti lọ.

Tóyìn_Pẹ́kàmù

Ẹ kú iṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù o. Òǹwòran lásán ni mí, mi ò mọ nǹkankan nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n lálẹ́ Ọjọ́ Sátidé, èmi àti màmá mi máa ń wo fíìmù Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń jẹ́ kí n yí i padà.

Ohùn. Kì í ṣe àwòrán. Àwòrán tó rí jáujàu a máa ń faradà á. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ ẹkún opó, mo ti lọ síbòmíràn. Èkejì ni ìtumọ̀ abẹ́ fíìmù. Ọkọ mi ọmọ Jàmáíkà ni, ó fẹ́ràn fíìmù wa, ìtumọ̀ yẹn ló sì fi ń bá a lọ. Bí ìtumọ̀ bá pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ funfun bọ́ sórí aṣọ funfun, ó ti dìde nìyẹn.

Máíkì_Lásán

Àǹtí Tóyìn ti sọ tèmi tán. Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀ á lọ sẹ́yìn ọgbà, okùn iná gígùn ni mo máa ń rà kí n tó ra ohunkóhun. Ògiri kan gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti máíkì, kí ihò èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Tí owó bá wà láti yá ẹ̀rọ abátìrì fún síìnì ẹkún, ẹ yá a. Nínú ilé, mo máa ń pa fáànù àti fíríìjì. Kí a má baà gbàgbé fíríìjì kí ẹran onílé bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ni mo máa ń fi sínú rẹ̀. Mi ò lè lọ sílé láìṣí i.

Máíkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ kò bá léèsì rẹ́. Léèsì àti aṣọ tí wọ́n fi sítááṣì sí máa ń ha sí i, yóò sì máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Fún opó, ẹ lo àǹkárá tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ fi máíkì orí ọ̀pá gbà á láti òkè. Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohùn ti bàjẹ́? Kì í ṣe ojú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Iná kékeré tó ń fò sókè sódò yẹn á máa fò bákan náà fún ọ̀rọ̀ àti fún jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnìkan fi hẹ́dífóònù sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì ní àṣẹ láti ní ká tún un yà. Tí síìnì bá parí, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí a gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Ẹ́dítọ̀ máa nílò rẹ̀ láti fi di àlàfo láàárín ọ̀rọ̀.

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Kẹ́ ẹ má lẹ ìtumọ̀ mọ́ àwòrán pátápátá nínú ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ ní ẹ̀dà tó mọ́, kẹ́ ẹ sì ní fáìlì ìtumọ̀ lọ́tọ̀, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.srt`. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ tún un ṣe láìgbé fíìmù kúrò. Tí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ rà á lọ́la fún àwọn tó ń sọ Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹ̀dà tó mọ́ yẹn ni yóò béèrè.

Kó wà nínú ibi ìpamọ́ méjì, ní ilé méjì. Kẹ́ ẹ sì fún ẹ́dítọ̀ ní ìdajì owó, ìdajì tó kù di ìgbà tí gbogbo fáìlì bá ti wà lọ́wọ́ yín.

Orin náà ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra fún orin olórin ńlá. Content ID, ẹ̀rọ YouTube tó ń wá ohun oníǹkan nínú fídíò ẹlòmíràn, á dá a mọ̀, owó ìpolówó sì lè máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni orin, nítorí orin ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wá ọmọ ìlú tó lè kọ rárà tàbí ẹkún ìyàwó, kí ó kọ ọ́ tuntun, kẹ́ ẹ sanwó fún un, kó sì fọwọ́ síwèé.

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ọkùnrin oníkànnì yẹn sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ọdún márùn-ún lórí YouTube nìkan, mílíọ̀nù méjì àti 200,000 lòun lè san, kò sì ní sí pé à ń pín owó lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ títí ayé, mẹ́ta àbọ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Bí mo bá ṣe ètò ilé kan tí Bọ̀dá sọ, iṣẹ́ yóò ná wa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti 200,000. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé, “Ṣé o rí i? Tà á, ká jèrè 300,000.”

Alàgbà_Ìdúmọ̀tà

Má tà á títí ayé. Àwọn tó ta kásẹ́ẹ̀tì àgbà wọn fún wa pátápátá láyé ọjọ́un, fíìmù wọn ń pa owó lórí ayélujára lónìí, orúkọ wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ló mọ̀ nígbà yẹn pé irú ọjà yìí ń bọ̀?

Kúnlé_Eléré

Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àdánù mílíọ̀nù kan lè má jẹ́ kí Àǹtí ṣe fíìmù kejì. Kó tà á, kó fi owó rẹ̀ ṣe òmíràn, kó di ìkejì mú. Ẹni tó kọ́kọ́ ń wọ iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà.

Sọ́jì_Òṣogbo

Ṣé wọn ò lè pín in sí apá kìíní àti apá kejì, kí wọ́n ta apá kan kí wọ́n sì gbé ìkejì sórí ìkànnì tiwọn?

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Sọ́jì, àṣà kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kí ẹni tó ra apá kìíní lè padà wá ra ìkejì. Lórí YouTube, àwọn kan ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó wo apá kìíní lórí ìkànnì kan kò ní tìtorí ìparí wá ìkànnì tuntun kiri. Oníkànnì náà kò sì ní ra ìtàn tí kò lópin. Bí ìwé eré bá gùn tó, ẹ lè ṣe é, àmọ́ síìnì 64 kò tó.

Àǹtí Àdùkẹ́, lójú tèmi, ọdún márùn-ún dára ju títí ayé lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé nígbà tí ọdún bá pé tí ó bá yọ ọ́ kúrò, gbogbo òǹkà tó wà lórí fídíò yẹn á lọ pẹ̀lú rẹ̀. Orí òdo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì tiyín, nígbà tí àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà ti wò ó tán. Mílíọ̀nù kan tó kù yẹn kò dájú. Nítorí náà ẹ bẹ̀ ẹ́ kó di ọdún mẹ́ta ní iye yẹn, tàbí kó fi díẹ̀ kún un tó bá dúró lórí márùn-ún. Tí kò bá gbà, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ mọ̀ bóyá ẹ lè faradà á.

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

A ó jọ jókòó lálẹ́ òní. Bọ̀dá, ọdún yẹn, láti ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí kà á?

Bọ̀dá_Lókéṣọ̀n

Ìbéèrè tó dára. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ “láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde” nìkan, torí ó lè fi í pamọ́ fún ọdún kan kó tó gbé e síta, ọdún yín kò sì ní tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ pé láti ọjọ́ tó jáde, tàbí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fà á lé e lọ́wọ́, èyí tó bá yá jù. Ẹ kọ pé ìdajì owó ni yóò san kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdajì kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sì fi kún un pé, nígbà tí ọdún bá pé, kì í ṣe fídíò nìkan ni yóò yọ, yóò tún jáwọ́ nínú Content ID tó bá ti fi orúkọ fíìmù náà sí. Mo ti rí ẹni tó gba fíìmù rẹ̀ padà, tó gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀, tí owó rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́dọ̀ oníkànnì àkọ́kọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ṣì mọ̀ ọ́n sí ti ẹni yẹn.